Kí Ló Tán Nínú Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀? Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Sẹ́ẹ̀lì Pupa, Pílétílẹ́ẹ̀tì, Pílásímà àti Kíráyò

Ẹ̀yin ìyá wa agbẹ̀bí, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin dókítà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, àti ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí aláìsàn tí ẹ wá jókòó tì wá, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ gbígbà gbòòrò, n kò sì ní gbìyànjú láti kó gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ lónìí. Obìnrin kan tó ń ṣẹ̀jẹ̀ níwájú wa ni mo fẹ́ kí a jọ tọ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní wọ́ọ̀dù, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ nírú àsìkò yẹn ni "Páìńtì mélòó?" Ìbéèrè náà ní àyè tirẹ̀, àmọ́ ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀: kí ló tán nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin yìí?

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká yà bàrá sí ilé ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, nǹkan bíi mílílítà 450 ni wọ́n ń gbà sínú àpò tí omi oògùn tí kì í jẹ́ kó dì ti wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kan á wá fi eré àsápajúdé yí àpò náà po. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó wúwo á rọ̀ sísàlẹ̀, omi aláwọ̀ ìyeyè tí à ń pè ní pílásímà á dúró sókè, wọ́n á sì fà wọ́n sínú àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Láti ara pílásímà yìí ni wọ́n tún ti ń yọ pílétílẹ́ẹ̀tì, èérún tíntìntín tó máa ń sáré lọ dí ojú ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá ti ya.

Wọn kì í gbé ibì kan náà. Sẹ́ẹ̀lì pupa, tó ń gbé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn káàkiri ara, wà nínú fíríìjì ní dígírì 2 sí 6, ó sì lè lo ọjọ́ 35 tàbí 42 níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí omi ìpamọ́ tí wọ́n lò bá ṣe rí. Pílásímà, tó ru àwọn pùrótéènì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, ni wọ́n ń sáré sọ di yìnyín láàárín wákàtí díẹ̀, ó sì lè wà nínú fírísà fún ọdún kan. Pílétílẹ́ẹ̀tì ò fẹ́ òtútù rárá. Dígírì 20 sí 24 ló ń gbé, lórí àtẹ tó ń rọra mì ín tọ̀sán-tòru, ọjọ́ márùn-ún péré sì ni ọjọ́ ayé rẹ̀.

Kíráyò ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Bí ẹ bá gbé pílásímà tó ti di yìnyín kúrò nínú fírísà, tí ẹ jẹ́ kó yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú fíríìjì, kì í yọ́ tán. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun kan máa ń kù nísàlẹ̀ àpò, òun ni kíráyò. Obìnrin onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Judith Graham Pool, ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ló fi hàn ní 1964 pé inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú èròjà kẹjọ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kó ara jọ sí. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dì láti ilé ọlọ́mọ ló kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀. Lónìí, nǹkan mìíràn tó wà nínú rẹ̀ ni a fi ń wá a kiri jù: pùrótéènì kan tó ń jẹ́ fáíbírínójìn. Òun ló ń di okùn tín-ín-rín tó ń hun ara rẹ̀ bí àwọ̀n apẹja, tó sì ń kó pílétílẹ́ẹ̀tì àti sẹ́ẹ̀lì pupa mọ́ra títí ẹ̀jẹ̀ á fi dì gan-in. Bí fáíbírínójìn ò bá tó, kò sí bí ẹ ṣe lè da nǹkan yòókù sí i tó, ẹ̀jẹ̀ ò ní dì dáadáa.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ bá obìnrin wa. Mo ṣà á jọ láti ara ọ̀pọ̀ tí mo ti rí ni, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá a kiri. Ọmọ ọdún 31 ni, ó wọn kílò 65, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án. Wọ́n gbé e dé lóru. Ikùn rẹ̀ le gbagidi, ó ń dùn ún láìdáwọ́dúró, ẹ̀jẹ̀ dúdú díẹ̀ sì ń jáde lójú ara. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 90/50, ọkàn rẹ̀ ń lù nígbà 128 ní ìṣẹ́jú kan. Ibi ọmọ ti ṣí kúrò lára ilé ọmọ kí ọmọ tó jáde. Ẹni tó bá wo aṣọ ibùsùn nìkan á ní ẹ̀jẹ̀ náà ò tó nǹkan. Ẹ wo ìlùkìkì ọkàn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ibi ọmọ ni èyí tó pọ̀ jù ṣù jọ sí.

Ìṣùjọ ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́yìn ibi ọmọ yẹn ń jẹ fáíbírínójìn. Èyí tó tún burú ni pé àwọn èròjà láti ara ibi ọmọ tó ṣí ti ń wọnú ẹ̀jẹ̀ ìyá, wọ́n sì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dì ní wúyẹ́wúyẹ́ káàkiri ara níbi tí kò sí ọgbẹ́ kankan. Ara náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ èyí tó dì. Fáíbírínójìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ já wálẹ̀ nínú gbogbo ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, pílétílẹ́ẹ̀tì á tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Láàbù máa ń pẹ́ kó tó dáhùn, pàápàá lóru. Àyẹ̀wò kan wà tí agbẹ̀bí lè ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tí kò ná wa ní nǹkan kan, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti fi sínú ìlànà rẹ̀. Ẹ fa ẹ̀jẹ̀ mílílítà 2 sínú túùbù gíláàsì kékeré tó mọ́, tó sì gbẹ. Kó jẹ́ gíláàsì o, torí pé ojú gíláàsì ló ń ta ẹ̀jẹ̀ jí láti dì. Ike kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pa ọwọ́ dé e kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ rọra dà á tẹ̀ wò, kí ẹ sì máa dà á tẹ̀ wò ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan títí á fi dì tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ lè dojú túùbù náà délẹ̀ láìdànù. Bí ìṣẹ́jú méje bá kọjá tí kò tíì dì, tàbí tó dì ṣùgbọ́n tó rọ̀ tó sì ń tú ká, àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ti ń tán nínú ara rẹ̀. Ti obìnrin wa ò dì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. A ò ní dúró de láàbù mọ́ ká tó ránṣẹ́ sí ilé ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀.

Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì pupa la kọ́kọ́ gbé kọ́, nítorí ọ́síjìn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ báyìí ò ṣeé fi iye pí-sí-fí, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀, dá dúró: pí-sí-fí tirẹ̀ jẹ́ 27 nígbà tó dé, iye yẹn á sì máa tan èèyàn, torí pé sẹ́ẹ̀lì àti omi jọ ń jáde pọ̀ ni. Ó di ìgbà tí omi tí a fà sí i bá là á kí iye náà tó já. A ti gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ìdánwò oríṣi, a sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àpò méjì oríṣi O kí èsì tó dé. Àǹfààní mìíràn tún wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa tí a kì í sọ: bó ṣe ń ṣàn láàárín gbùngbùn iṣan, ó máa ń ti pílétílẹ́ẹ̀tì sẹ́bàá ògiri iṣan níbi tí iṣẹ́ wà. Ẹni tí sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá.

Ibí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ti ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n á gbé àpò sẹ́ẹ̀lì pupa kẹta kọ́, wọ́n á gbé ìkẹrin, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dà síbẹ̀. Kí ni wọ́n ń fún un? Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí fáíbírínójìn nínú àpò yẹn, kò sì sí pílétílẹ́ẹ̀tì tó ń ṣiṣẹ́. Gbogbo àpò tó bá wọlé láìsí àwọn yòókù ń la ìwọ̀nba èyí tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ ni.

Èsì láàbù dé: fáíbírínójìn rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 0.9 nínú lítà kan, pílétílẹ́ẹ̀tì jẹ́ 92,000. Ẹ ṣọ́ra fún ìwé èsì yẹn. Ìwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ó dára, gíráàmù 2 sí 4, ti ẹni tí kò lóyún ni. Oyún máa ń gbé e gòkè. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí obìnrin bímọ, gíráàmù 4 sí 6 ló máa ń ní. Nítorí náà, aláboyún tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tí tirẹ̀ jẹ́ 2, tí ìwé èsì ò sì fi àmì pupa kankan sí i, ti pàdánù ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí à ń lé nínú ìsun ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ni pé kó má ṣe wà lábẹ́ 2.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ká ní omi pílásímà tó kù nínú iṣan rẹ̀ tó lítà 3.5. Láti gbé e kúrò ní 0.9 dé 2, gíráàmù 1.1 ló kù fún lítà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù mẹ́rin lápapọ̀. Ibo la ti máa rí i? Pílásímà tí wọ́n yọ́ láti inú fírísà ní nǹkan bíi gíráàmù 2 sí 2.5 nínú lítà kan. Ìwọ̀n tí à ń fúnni ni mílílítà 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Kílò 65 á jẹ́ mílílítà 975, nǹkan bí àpò mẹ́rin. Gíráàmù méjì àti díẹ̀ nìyẹn, nínú omi tó tó lítà kan. Ẹ wo ìṣòro tó wà níbẹ̀: omi tó jẹ́ pé 2 ni agbára tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ò lè gbé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn kọjá 2. Bí ẹ bá tilẹ̀ da lítà márùn-ún, ibi tó mọ náà ló máa mọ, ọkàn obìnrin náà ò sì ní lè gbé omi yẹn.

Kíráyò yàtọ̀. Àpò kékeré kan kì í ju mílílítà 15 sí 40 lọ, ó sì máa ń ní fáíbírínójìn tó tó mílígíráàmù 150, ọ̀pọ̀ ìgbà ó máa ń ju bẹ́ẹ̀. Àpò mẹ́wàá ni ìwọ̀n àgbàlagbà, ó sì máa fún un ní nǹkan bíi gíráàmù méjì sí méjì ààbọ̀. Iye fáíbírínójìn tí lítà pílásímà kan ń gbé nìyí, nínú omi tó kéré gan-an. Fún obìnrin wa, àpò mẹ́wàá ò ní tó. A fún un ní mẹ́wàá, a tún fáíbírínójìn yẹ̀ wò, ó ti di 1.5, a fún un ní mẹ́wàá mìíràn.

Ṣé a ò wá nílò pílásímà nìyẹn? A nílò rẹ̀. Fáíbírínójìn nìkan kọ́ ló ń tán nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà. Àwọn èròjà yòókù ń lọ pẹ̀lú, pílásímà ló sì ní gbogbo wọn. Bí àpò sẹ́ẹ̀lì pupa bá ti ń pọ̀, pílásímà gbọ́dọ̀ máa bá a rìn. Ohun tí n kò fara mọ́ ni pé kí wọ́n máa lo pílásímà láti fi gbé ìfúnpá sókè, tàbí kí wọ́n máa fi "fún ara lókun" lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Omi iyọ̀ ń gbé ìfúnpá, oúnjẹ ń fún ara lókun, pílásímà sì ń gbé ewu tí àwọn méjèèjì yìí kò ní.

Ẹ rántí àkókò. Pílásímà máa ń gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú omi gbígbóná dígírì 37 kó tó yọ́. Kíráyò yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tó bá ti yọ́, wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà ló ní, ẹ má sì ṣe dá a padà sínú fíríìjì. Òtútù ló kó o jọ di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ níjọ́ kìíní. Òtútù tún lè kó o jọ padà. Ìdí nìyí tí a fi ń ránṣẹ́ nígbà tí túùbù bá ti kọ̀ láti dì, kí a má dúró dìgbà tí wọ́n bá ti gbé e dé tíátà.

Ẹ̀ka mìíràn tó ń da èèyàn láàmú ni oríṣi ẹ̀jẹ̀. Èsì fi hàn pé oríṣi B ni obìnrin wa. Ní ti sẹ́ẹ̀lì pupa, ó lè gba B tàbí O. Ní ti pílásímà, ọ̀rọ̀ yí padà bìrí: B tàbí AB ló lè gbà, kò gbọ́dọ̀ gba ti O. Pílásímà ẹni tó jẹ́ O ló ní ohun ìjà sí A àti sí B; pílásímà ẹni tó jẹ́ AB ò ní ìkankan, òun sì ni a lè fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá ti há a sórí pé "O ló ń fún gbogbo ayé" láìbéèrè pé O ti kí ni, ó lè ṣe aláìsàn léṣe.

Ní tíátà, wọ́n ti gbé ọmọ jáde, ilé ọmọ ń sún kì, wọ́n sì ti fún ìyá ní tiranẹsámíìkì gíráàmù kan, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara tètè yọ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì, tó sì yẹ kó wọlé láàárín wákàtí mẹ́ta. Ìwádìí ńlá tí wọ́n gbé jáde ní 2017 lórí rẹ̀, tí àwọn obìnrin Nàìjíríà kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé ó ń dín ikú ìsun ẹ̀jẹ̀ ìbímọ kù. Wọ́n fi aṣọ bò ó kó lè móoru, nítorí ara tó tutù kì í mú ẹ̀jẹ̀ dì. Wọ́n sì fún un ní kálísíọ́ọ̀mù, torí pé omi oògùn inú àpò ẹ̀jẹ̀ ń gbá kálísíọ́ọ̀mù mú, láìsí i, ẹ̀jẹ̀ ò lè dì, ọkàn náà á sì rẹ̀.

Pílétílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti wá já sí 48,000. Ní 92,000 tó wà tẹ́lẹ̀, a ò fún un. Kò tíì sí lára ohun tó tán. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, a kì í fẹ́ kó lọ sábẹ́ 50,000, ní ìsun ẹ̀jẹ̀ ìbímọ àwọn mìíràn kì í dúró kó já tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ ní 75,000. Ìwọ̀n àgbàlagbà kan, tí wọ́n lè kó jọ láti ọwọ́ èèyàn mẹ́rin sí mẹ́fà, máa ń gbé e sókè pẹ̀lú nǹkan bíi 30,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ń bá jà, tó dùbúlẹ̀ tí kò ṣẹ̀jẹ̀ rárá, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Ó di kó lọ sábẹ́ 10,000 kí a tó fún un.

Kí ẹ tó gbé e kọ́, ẹ gbé àpò pílétílẹ́ẹ̀tì sókè sójú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ rọra mì ín. Bó bá dára, ẹ máa rí i tí inú rẹ̀ ń ṣe wíríwírí, tí ìmọ́lẹ̀ ń yí lọ yí bọ̀ nínú rẹ̀, torí pé pẹlẹbẹ ni wọ́n. Bó bá dákẹ́ tó ṣú bọ̀lọ̀jọ̀, wọ́n ti di roboto, wọn ò ní ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì tó tì í sínú fíríìjì pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì pupa nítorí pé "ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo wọn" ti bà á jẹ́: èyí tí òtútù bá ti mú, kíá ni ẹ̀dọ̀ ń gbá a kúrò nínú ara. Ooru iyàrá tó sì ń gbé yìí ló fi jẹ́ pé òun ni kòkòrò àìfojúrí máa ń ráyè dàgbà nínú rẹ̀ jù. Bí ibà bá gbé aláìsàn bí ẹ ṣe ń fà á sí i, ẹ dá a dúró, kí ẹ dá àpò náà padà fún láàbù. Ẹ má jù ú nù.

Nígbà tó máa fi di òwúrọ̀, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Pí-sí-fí rẹ̀ jẹ́ 23, fáíbírínójìn 2.3. Dókítà kan fẹ́ fà á ní àpò méjì sí i kó lè "pé". Mo ní rárá. Ìwádìí kan láti Kánádà tó jáde ní 1999, lára àwọn tó ń ṣàìsàn gidi, fi hàn pé àwọn tí wọ́n ní sùúrù fún títí himogílóbíìnù wọn, èròjà inú sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé ọ́síjìn, fi lọ sábẹ́ 7 kò ṣe burú ju àwọn tí wọ́n ń kún fún ní 10 lọ. Himogílóbíìnù 7 jẹ́ pí-sí-fí 21 ní ìṣirò wa. Àpò kan máa ń gbé pí-sí-fí àgbàlagbà sókè pẹ̀lú nǹkan bíi 3. Bí kò bá ṣẹ̀jẹ̀ mọ́, tí èémí rẹ̀ ń lọ déédéé, tí òòyì ò kọ́ ọ, oògùn irin ló kàn. Bí ó bá sì nílò rẹ̀, ẹ fún un ní ẹyọ kan, kí ẹ tún un wò kí ẹ tó bèèrè ìkejì.

Kò pẹ́ tí nǹkan mìíràn tún fi hàn pé ó dára bí mo ṣe kọ̀: ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà, èémí obìnrin wa ò já gaara. Nǹkan méjì la gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀. Bí omi bá ti pọ̀ jù fún ọkàn, ìfúnpá á ga, iṣan ọrùn á yọ, oògùn tó ń mú ìtọ̀ wá á sì mú ara tù ú. Bó bá jẹ́ pé ohun ìjà inú pílásímà ẹlòmíràn ló ń bá ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jà, ìfúnpá sábà máa ń já, ibà lè wà, oògùn ìtọ̀ ò sì ní ràn án lọ́wọ́. Ọ́síjìn àti ìtọ́jú tó péye ló máa gbé e kọjá. Obìnrin tó ti bímọ rí ló sábà máa ń ní irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀ nínú pílásímà rẹ̀, ìdí nìyẹn tí Gẹ̀ẹ́sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í yan pílásímà ọkùnrin láàyò láti 2003. Ti obìnrin wa, omi ló pọ̀. Ìtọ̀ dà, èémí rẹ̀ sì balẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti fẹ́ bi mí: "Dókítà, ilé ìwòsàn wa ò ní kíráyò, kò ní fírísà, odidi ẹ̀jẹ̀ nìkan la ní ńkọ́?" Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn nílẹ̀ Yorùbá ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má tìtorí èyí tí ẹ gbọ́ lónìí ya odidi ẹ̀jẹ̀ sí yẹpẹrẹ. Fún obìnrin tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí pílásímà àti kíráyò ò sí, odidi ẹ̀jẹ̀ sàn ju sẹ́ẹ̀lì pupa nìkan lọ, nítorí pílásímà rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú nǹkan bí ààbọ̀ gíráàmù fáíbírínójìn nínú àpò kan. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ló dára jù, torí pílétílẹ́ẹ̀tì kì í pẹ́ kú nínú fíríìjì. Kí wọ́n ṣáà ti ṣe gbogbo àyẹ̀wò àrùn lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá, ẹ kọ àbájáde túùbù gíláàsì yẹn sójú ìwé, pẹ̀lú aago tí ẹ ṣe é, kí ẹ sì fi fóònù kà á fún wọn kí ọkọ̀ tó gbéra, kí wọ́n lè ti máa yọ́ kíráyò sílẹ̀ dè é.